Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Funfun Tó Ń Sọ Iye Sọ́lúféètì Inú Símẹ́ńtì

Kílíńkà ni wọ́n ń pe òkúta dúdú róbótó-róbótó tó ń jáde nínú iléru ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀. Bí wọ́n bá lọ kílíńkà yìí kúnná láìfi nǹkan kan kún un, símẹ́ńtì tí yóò jáde kò ní ṣe é lò fún bíríkìlà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti kàn án ni yóò ti gan, kí òṣìṣẹ́ tó gbé e dé ìdí ògiri. Jípsọ́mù ni wọ́n fi ń dá a dúró. Wọ́n á bù ú sínú kílíńkà níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, kò sì sábà ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Sọ́lúféètì tó wà nínú jípsọ́mù náà ló ń bo ojú àwọn hóró tó ń yára gan jù, tí símẹ́ńtì á fi rọ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí ó tó le.

Bí sọ́lúféètì bá kéré jù, símẹ́ńtì á gan mọ́ bíríkìlà lọ́wọ́. Èyí tó burú jù ni kí ó pọ̀ jù, nítorí pé kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Kọ́ńkéré á ti gbẹ, á ti le, ilé á ti dúró, kí sọ́lúféètì tó ṣẹ́kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èròjà inú símẹ́ńtì ṣe àdàpọ̀ tó ń wú. Ohun tó bá wú nínú ohun tó ti le, yóò là á ni. Ìdí nìyí tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí símẹ́ńtì, EN 197-1, fi sọ pé fún símẹ́ńtì onípò 42.5N, iye sọ́lúféètì kò gbọdọ̀ ju ìdá 3.5 nínú 100 lọ. Nínú iṣẹ́ símẹ́ńtì, SO3 ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn imí ọjọ́ kan pẹ̀lú ọ́síjìn mẹ́ta.

Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ńláńlá òde òní, ẹ̀rọ onítànṣán ló ń ka SO3 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Símẹ́ńtì tí a ti mọ iye SO3 inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò, bí àríyànjiyàn bá sì dé láàárín ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń padà sí: kí wọ́n mú sọ́lúféètì jáde nínú omi, kí ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi, sùúrù ló gbà, ibi tí sùúrù bá sì ti pin ni nọ́ńbà ti ń bàjẹ́.

Báríọ́mù ni ó ń mú sọ́lúféètì jáde. Carl Wilhelm Scheele, apòògùn tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Súwídìn, ló kọ́kọ́ dá erùpẹ̀ tí báríọ́mù wà nínú rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí erùpẹ̀ mìíràn, ní ọdún 1774. Ibi yòówù tí báríọ́mù àti sọ́lúféètì bá ti pàdé nínú omi, wọ́n á so mọ́ra wọn, wọ́n á di nǹkan funfun tí omi kò lè yọ́. BaSO4 ni orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ní omi kò lè yọ́ ọ, kí ẹ mọ ohun tí mo ń sọ: lítà omi kan á yọ́ ju gíráàmù 350 iyọ̀ ọbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú BaSO4, nǹkan bíi mílígíráàmù 2.4 péré ló lè yọ́. Nítorí náà ni dókítà ṣe lè fún aláìsàn ní BaSO4 mu kí wọ́n tó ya àwòrán inú rẹ̀. Kò yọ́, kò sì wọ ẹ̀jẹ̀. Báríọ́mù kílóráìdì, BaCl2, tí a ó lò nínú iṣẹ́ yìí, òun ń yọ́ dáadáa, májèlé sì ni. Ẹni tó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ jẹun nídìí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu fa á sínú pípẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ náà ń mú BaSO4 jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n ń wà á bí òkúta ní Àsárà ní ìpínlẹ̀ Nàsáráwá, àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì sì ń lò ó nítorí ìwúwo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé gíráàmù símẹ́ńtì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ASTM C114, èyí tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò símẹ́ńtì mọ̀.

Wọn gíráàmù kan gẹ́lẹ́ sínú bíkà. Da mílílítà 25 omi tútù lé e, kí o sì máa rò ó, nítorí pé bí o bá kọ́kọ́ da ásíìdì lé e ní gbígbẹ, yóò dì, ásíìdì kò sì ní ráyè wọ inú ìdì náà. Lẹ́yìn náà ni kí o wá da mílílítà 5 ásíìdì háídírókílóríìkì sí i. Gbé e sórí iná díẹ̀, kí o fi ìdí ọ̀pá gíláàsì tó pẹlẹbẹ fọ́ gbogbo kókó tó bá kù. Símẹ́ńtì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán pátápátá. Ohun tí kò yọ́ ni yanrìn díẹ̀ àti ìdọ̀tí tó bá amọ̀ wá. Fi omi sí i títí yóò fi di mílílítà 50, jẹ́ kí ó wà lórí ooru tí kò jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15, kí o wá sẹ́ ẹ. Fi omi gbígbóná fọ ohun tó kù lórí bébà dáadáa, kí sọ́lúféètì kankan má bàa dúró síbẹ̀. Omi tó sẹ́ jáde ni a fẹ́. Fi omi kún un dé mílílítà 250.

Ásíìdì tó wà nínú omi yìí níṣẹ́ tó ń ṣe títí dé òpin. Sọ́lúféètì nìkan kọ́ ni báríọ́mù ń so mọ́. Bí kò bá sí ásíìdì, ó lè so mọ́ kábọ́néètì tàbí fọ́sífétì tó bá wà nínú omi, àwọn náà á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ojú kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí BaSO4. Nínú omi alásíìdì, kábọ́néètì àti fọ́sífétì kò lè dúró pẹ̀lú báríọ́mù. Sọ́lúféètì nìkan ló lè dúró. Àmọ́ bí ásíìdì bá pọ̀ jù, BaSO4 fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì náà, tí wọn kì í fi ojú dá a.

Ní báyìí, a dé ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Gbé omi náà ka iná títí yóò fi hó. Ti BaCl2 pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbóná: mílílítà 10, èyí tí gíráàmù 100 wà nínú lítà rẹ̀ kan. Fi í sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí omi máa hó nìṣó, kí o máa rò ó. Ojú omi á ṣú, á funfun.

Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà? Bí báríọ́mù púpọ̀ bá já lu sọ́lúféètì púpọ̀ lójijì, hóró BaSO4 á bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á gba inú bébà asẹ́ kọjá. Bí a bá ń kán an díẹ̀díẹ̀ nínú omi tó ń hó, ibi tí hóró tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ á dínkù, àwọn tó ti wà nílẹ̀ á sì máa rí ohun tí wọ́n fi ń dàgbà. Omi gbígbóná ń ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí, nítorí pé BaSO4 ń yọ́ díẹ̀ sí i nínú rẹ̀ ju ti omi tútù lọ, kò sì ń kánjú àtidi hóró.

Ohun mìíràn wà tó mú kí ìkánjú burú. BaCl2 tí a fi sí i pọ̀ gan-an. Fún símẹ́ńtì tí SO3 rẹ̀ tó nǹkan bíi 2.8 nínú 100, ó ju èyí tí sọ́lúféètì nílò lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé báríọ́mù tó ṣẹ́kù nínú omi ni kò jẹ́ kí BaSO4 ríbi yọ́ padà. Ṣùgbọ́n tí hóró bá ń dàgbà kíákíá láàárín BaCl2 tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ mì, yóò sì dì í mọ́ inú ara rẹ̀. Omi tí a bá fi fọ̀ ọ́ kò lè dé inú hóró. Theodore Richards ti Yunifásítì Harvard, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní ọdún 1914, wà lára àwọn tó fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ BaCl2 tó ń há sínú BaSO4 yìí, nítorí pé ó ń ba nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ń wá ìwúwo átọ́ọ̀mù. BaCl2 tó bá há síbẹ̀ ń mú ìwọ̀n pọ̀ sí i. Ó ń jẹ́ kí SO3 dà bí ẹni pé ó ju bó ṣe wà lọ.

Lẹ́yìn tí BaCl2 bá tán, jẹ́ kí ó máa hó títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn dáadáa. Nígbà náà ni ìsinmi rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Bo bíkà náà, gbé e sórí ooru tó gbóná gan-an ṣùgbọ́n tí kò tó èyí tí ń mú omi hó, kí o fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24. Wákàtí 12 ni ó kéré jù. Omi á máa fẹ́ lọ láti abẹ́ awo gíláàsì tí a fi bò ó, nítorí náà wọ́n ń fi omi gbígbóná kún un lóòrèkóòrè kí ó má kúrò láàárín mílílítà 225 àti 260.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìsinmi yìí kò ju kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lọ. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró kékeré ń yọ́ ju hóró ńlá lọ, nítorí pé ara rẹ̀ tó kan omi pọ̀ ju ti ńlá lọ bí a bá fi wé ìwúwo rẹ̀. Nínú bíkà náà, ní gbogbo alẹ́ yẹn, àwọn hóró tí kò tó nǹkan á máa yọ́ sínú omi, ohun tó bá yọ́ nínú wọn á sì máa lọ lẹ̀ mọ́ ara àwọn hóró tó tóbi. Kò sí BaSO4 tó sọ nù. Ó kàn ń ti ara kékeré bọ́ sí ara ńlá ni. Wilhelm Ostwald, ará Jámánì tó gba Nobel ní 1909, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìyípadà yìí. Bí hóró bá sì ń yọ́ tó tún ń dì, ọ̀pọ̀ nínú BaCl2 àti àwọn àjèjì mìíràn tó há sínú rẹ̀ á bọ́ padà sínú omi. Lójú tèmi, wákàtí 12 wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, àwọn náà sì ni ẹni tó ń kánjú kọ́kọ́ máa ń gé kúrò.

Bí ó ti ṣe yẹ kí ó rí ní òwúrọ̀ rèé: omi tó wà lókè mọ́ gaara, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì jókòó sí ìsàlẹ̀ bíkà bí iyanrìn funfun tó kúnná, tó ń yára padà sísàlẹ̀ bí a bá mi bíkà díẹ̀. Bí omi òkè bá ṣì dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, àwọn hóró kéékèèké ṣì wà níbẹ̀, kò sì tíì tó àkókò láti sẹ́ ẹ. Kí a tó sẹ́ ẹ, ó dára kí a kán BaCl2 kan sójú omi tó mọ́ gaara náà. Bí kò bá ṣú, sọ́lúféètì ti jáde tán.

Bébà tí a ó fi sẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń di hóró kékeré mú, bíi Whatman 42, tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí ó bá jóná kò ní fi eérú tó ṣe é wọ̀n sílẹ̀. Má ṣe tú gbogbo rẹ̀ sórí bébà lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe ń da omidùn kúrò lórí ògì láìjẹ́ kí ògì ru, bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi ọ̀pá gíláàsì darí omi òkè sórí bébà, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣì dúró nínú bíkà. Bu omi gbígbóná díẹ̀ lé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, rò ó, jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀, tún da omi òkè rẹ̀ sórí bébà. Lẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o wá ṣan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ sórí bébà. Ara bíkà àti ọ̀pá gíláàsì kì í fẹ́ fi èyí tó lẹ̀ mọ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀pá tí a fi rọ́bà bọ lẹ́nu ni wọ́n fi ń nù ún kúrò. Hóró kan tó ṣẹ́kù sínú bíkà ti jáde kúrò nínú ìṣirò nìyẹn.

Ohun tí a ń fọ̀ kúrò ni BaCl2 tó yí hóró ká, àti kálísíọ́mù kílóráìdì tó ti ara símẹ́ńtì wá. Méjèèjì kì í fẹ́ lọ nínú iná bí omi. Bí wọ́n bá ṣẹ́kù, wọ́n á jókòó sínú kúrúsíbù, a ó sì wọ̀n wọ́n mọ́ BaSO4. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́? Gba díẹ̀ nínú omi tó ń kán láti abẹ́ bébà sínú ọpọ́n gíláàsì kékeré, kí o kán sílífà náítíréètì, AgNO3, sí i. Bí kílóráìdì bá ṣì wà níbẹ̀, omi náà á ṣú funfun lójú ẹsẹ̀. Máa fọ̀ ọ́ nìṣó, máa yẹ̀ ẹ́ wò, títí tí kò fi ní ṣú mọ́.

Nígbà tí kò bá ti ṣú mọ́, dá ọwọ́ dúró. Omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ń fọ nǹkan mọ́ ju omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, kò sì ń gba BaSO4 lọ púpọ̀. Báríọ́mù tó ń dáàbò bo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú bíkà ti lọ báyìí. Omi lásán ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Mílílítà 100 omi gbígbóná kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.4 lọ, èyí tó jẹ́ 0.014 péré nínú ìdá 100 SO3. Kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń da omi lé e ní lítà lítà nítorí pé ó fẹ́ kí ó mọ́ gan-an, ó ń ṣan èsì ara rẹ̀ dànù.

Tí omi bá ti ro tán lára bébà, ká a pọ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà láàárín, kí o gbé e sínú kúrúsíbù, abọ́ tánganran kékeré tí a ti sun nínú iléru tẹ́lẹ̀, tí a sì ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Iná tí kò le ni a fi ń kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Bí iná bá le nígbà tí bébà ṣì tutù, ooru omi á ta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde nínú kúrúsíbù. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ooru á pọ̀ sí i díẹ̀, bébà á dúdú, á máa rú èéfín, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbiná. Bí ó bá gbiná, afẹ́fẹ́ ọwọ́ iná náà á gbé hóró lọ.

Ìgbà tí bébà bá ti di èédú ni ewu tó tóbi jù dé. Èédú lè fa ọ́síjìn kúrò lára BaSO4, kí ó sọ ọ́ di báríọ́mù sọ́lífáìdì, BaS, tó fúyẹ́ ju BaSO4 lọ. Ohun tó ń dènà èyí ni kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú kúrúsíbù dáadáa, kí èédú jó tán díẹ̀díẹ̀ kí ooru tó pọ̀. Nítorí náà a ò ń bo kúrúsíbù pa ní àsìkò yìí. Ìgbà tí dúdú bá ti kúrò tán, tí ohun inú rẹ̀ sì funfun, ni wọ́n tó ń gbé e sínú iléru ní ìwọ̀n ooru 800 sí 900 Sẹ́lísíọ̀sì. Ooru náà kò lè pa BaSO4 lára. Ó gbọ́dọ̀ ju 1,400 lọ dáadáa kí ó tó lè tú u ká.

Àwọn yàrá àyẹ̀wò kan kì í sun ún rárá. Wọ́n ń sẹ́ ẹ nínú kúrúsíbù onígíláàsì tó ní ihò tíntìntín nídìí, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ nínú ọ́fùùnù ní nǹkan bí ìwọ̀n 105. Kò sí bébà níbẹ̀, nítorí náà kò sí èédú, BaS kò sì lè wáyé. Fún omi odò tàbí omi kànga, ọ̀nà yìí dára. Àmọ́ omi díẹ̀ máa ń há sínú hóró BaSO4 tí ìwọ̀n 105 kò lè lé jáde, ìyẹn ni mo ṣe fara mọ́ iléru fún símẹ́ńtì.

Kúrúsíbù tó gbóná kò ṣe é gbé sórí òṣùwọ̀n, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè lára rẹ̀ á mú kí ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní gbangba kí ó tutù, á fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá jù lọ ní àsìkò òjò. Inú désíkétọ̀ ni ó ti ń tutù, ìyẹn ìkòkò gíláàsì oníderí tí kẹ́míkà tó ń fa omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ̀n ọ́n, tún un sun, tún un wọ̀n. Ìgbà tí nọ́ńbà méjì bá bára mu ni ìwọ̀n náà dúró.

Ká ní kúrúsíbù òfìfo jẹ́ gíráàmù 18.4126, tí ó sì di 18.4948 lẹ́yìn iléru. Ìyàtọ̀ wọn, gíráàmù 0.0822, ni BaSO4. Nínú gíráàmù BaSO4 kan, SO3 jẹ́ gíráàmù 0.343, nítorí pé SO3 jẹ́ 80.06, BaSO4 sì jẹ́ 233.39. Nítorí pé gíráàmù símẹ́ńtì kan ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, a ó fi 34.3 sọ 0.0822 di púpọ̀, yóò fún wa ní 2.82 nínú 100. Símẹ́ńtì náà wà láàárín ohun tí òfin gbà. Kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó yọ ìwọ̀n tí àyẹ̀wò òfìfo bá fún wa kúrò, ìyẹn èyí tí a ṣe pẹ̀lú gbogbo omi àti kẹ́míkà wọ̀nyí láìsí símẹ́ńtì nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àṣìṣe lè ṣe sí 2.82 yẹn. Bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún BaSO4 náà bá di BaS nítorí pé iná tètè le, mílígíráàmù 2.3 á dín, èsì á sì di 2.74. Kò sí ohun tó máa sọ fún ẹni tó ń wo ìwé èsì pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló lè mọ̀: àwọ̀ rẹ̀ á ní eérú díẹ̀ nínú dípò kí ó funfun, bí a bá sì kán ásíìdì sí i, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó ní àtúnṣe. Kán ásíìdì sọ́lúfúríìkì tí a ti là sí i, ẹ̀kán kan tàbí méjì, rọra gbẹ ẹ́ títí èéfín rẹ̀ á fi tán, tún un sun. BaS á padà di BaSO4, ásíìdì tó ṣẹ́kù á sì fẹ́ lọ.

Irin ló le jù. Símẹ́ńtì ní irin nínú, òun ló fà á tí omi alásíìdì náà fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irin díẹ̀ lè bá BaSO4 jáde gẹ́gẹ́ bí irin sọ́lúféètì. Tí ó bá dé inú iléru, SO3 rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìpẹtà irin á kù sílẹ̀, ìwọ̀n á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì rẹ̀ ni pé ohun tó jáde nínú iléru á pọ́n díẹ̀ bí ẹfun tí osùn kàn. Ásíìdì tó tó, omi tó pọ̀ tó, ìkán díẹ̀díẹ̀ àti ìsinmi gígùn ń dín in kù, wọn kì í pa á run. Bí ó bá hàn gbangba pé ó pọ́n, kí a dà á nù kí a tún bẹ̀rẹ̀ ló dára jù.

Ẹ rí i pé àṣìṣe méjì yìí ń fa nọ́ńbà wálẹ̀, BaCl2 tó há sínú hóró sì ń tì í sókè. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n bá ara wọn dọ́gba nínú kúrúsíbù kan náà, kí èsì wá dà bí èyí tó péye nígbà tí kò sí ìkankan nínú iṣẹ́ náà tó dára. Nítorí èyí ni àyẹ̀wò ẹyọ kan ṣoṣo kò fi tó, tí wọ́n fi ń ṣe méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kẹta ṣe símẹ́ńtì tí a ti mọ iye SO3 rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Sọ́lúféètì nìkan ló ń kà. Imí ọjọ́ tó bá wà nínú símẹ́ńtì bíi sọ́lífáìdì, irú èyí tó ń wá láti inú ìdàrọ́ irin tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ símẹ́ńtì kan, á di gáàsì olóòórùn burúkú nígbà tí ásíìdì bá kàn án, á sì fò lọ kí báríọ́mù tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo imí ọjọ́ inú irú símẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra símẹ́ńtì fún iṣẹ́ ńlá, ẹ̀yin ẹnjiníà àti agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ìwé àyẹ̀wò. Bí ẹ bá rí SO3 nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀nà báríọ́mù ni wọ́n lò, ẹ bi wọ́n léèrè wákàtí mélòó ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi dúró nínú ooru kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, ẹ sì bi wọ́n bóyá méjì ni wọ́n ṣe tàbí ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ní wákàtí kan, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n lọ tún un ṣe.